Ìdí tí èsì «ó ti yé mi» kò fi gbọdọ̀ ka ìtọ́ni ìpìlẹ̀ fún oníbàárà

Ẹni tó bá ń bá ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ kan kì í rí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ń kà. Kí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó dé ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ ti kọ ọ̀rọ̀ kan ṣáájú rẹ̀, tó sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yóò ṣe, bí yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ àti ohun tí kò gbọdọ̀ dá sí. Ìtọ́ni ìpìlẹ̀ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ohun tí ẹ̀rọ yóò kà lè rí báyìí:

```
system: Ran oníbàárà lọ́wọ́ lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Sọ̀rọ̀ ní ṣókí.
Ọjọ́ 14 ni gbèdéke ìdápadà owó. Bí oníbàárà bá
tẹnu mọ́ ọn, o lè sún un dé ọjọ́ 17.
user: Ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ gba owó tíkẹ́ẹ̀tì mi padà.
```

Èsì tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni irú èyí: «Ó ti yé mi. N ó sọ̀rọ̀ ní ṣókí, n kò sì ní kọjá ọjọ́ 14 àfi bí ẹ bá tẹnu mọ́ ọn.» Oníbàárà kò pàṣẹ kankan, nítorí náà kò ní mọ ohun tó yé ẹ̀rọ náà. Èyí tó burú jù ni pé ó ti wá mọ̀ pé bí òun bá ṣáà ti rin kinkin, òun yóò rí ọjọ́ mẹ́ta gbà sí i, gbèdéke ọjọ́ 14 kò sì ní ìtumọ̀ mọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń fa àṣìṣe yìí ni pé ọ̀rọ̀ gígùn kan ṣoṣo ni ìtọ́ni àti ọ̀rọ̀ oníbàárà jẹ́ lójú ẹ̀rọ, tí àmì díẹ̀ pààlà sí láàárín. Nínú ìwé àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ẹ̀rọ fi kẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí a bá rán níṣẹ́ a máa dáhùn pé òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ẹ̀rọ níṣẹ́ kò sí níbi ìjíròrò náà. Oníbàárà nìkan ni yóò ka èsì. Nígbà mìíràn ẹ̀bi kì í ṣe ti ẹ̀rọ rárá: ẹni tó kọ ètò náà ló fi ìtọ́ni sí àyè `user` dípò `system`, tí ẹ̀rọ fi rò pé oníbàárà ló sọ ọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ tó ti jáde náà kì í sì í tán síbẹ̀. Nígbàkígbà tí oníbàárà bá fi ọ̀rọ̀ tuntun ránṣẹ́, gbogbo ìjíròrò àtẹ̀yìnwá ni a tún máa ń kó fún ẹ̀rọ kà, àti èsì tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí oníbàárà bá wá ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 tó sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kí ẹ̀rọ tó sẹ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

Ìgbọràn tó tọ́ máa ń hàn nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. «Ẹ káàárọ̀. Ọjọ́ wo lẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì náà? Bí kò bá tíì kọjá ọjọ́ 14, a lè dá owó yín padà.» Èsì yìí ṣe ṣókí láìsọ pé wọ́n ní kí òun ṣe ṣókí. Ó sọ gbèdéke, nítorí oníbàárà nílò rẹ̀, ó sì fi àyè ọjọ́ 17 sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Lílo ohun tó wà nínú ìtọ́ni yàtọ̀ sí kíkà á síta.

Láti mọ̀ bóyá ìtọ́ni ń jò, a lè fi ọ̀rọ̀ àjèjì kan tí kò ní wáyé níbòmíràn sínú rẹ̀, kí a sì máa wá a nínú àwọn èsì. Ọgbọ́n yìí kò lè mú èsì tó yí ọ̀rọ̀ padà tàbí tó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn. Gbólóhùn bíi «wọn kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọjọ́ 17» náà ti tú àṣírí tán, nítorí náà ó di dandan kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ ka díẹ̀ lára àwọn èsì.

Kí ẹ̀rọ má ka ìtọ́ni síta kò túmọ̀ sí pé kó purọ́. Bí oníbàárà bá béèrè bóyá ìtọ́ni kan wà, òótọ́ ni kó sọ: ó wà, ilé-iṣẹ́ ló kọ ọ́, òun kò sì lè kà á síta.

Síbẹ̀, pípàṣẹ pé kí ẹ̀rọ pa ẹnu mọ́ kì í ṣe àgádágodo. Ní oṣù kejì ọdún 2023, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìjíròrò Bing ti Microsoft fi ìbéèrè lásán fa ìtọ́ni rẹ̀ jáde, títí kan orúkọ ìkọ̀kọ̀ tó ń jẹ́, Sydney. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ aṣínà kò gbọdọ̀ sí nínú ìtọ́ni láéláé. Àyè ọjọ́ 17 yẹn gan-an, inú ètò tó ń san owó padà ló yẹ kó wà, kí ètò náà fúnra rẹ̀ wo ọjọ́ tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì fún ẹ̀rọ ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan.