Àkọsílẹ̀ etí ìwé: èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀lé e?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo fi fóònù ya ìwé tí bàbá wa àgbà fi ń kọ́ni ní ìjọ. Wọ́n ti kọ̀wé kún etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, èwo ni kó ṣáájú? Mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ tẹ ìpínrọ̀ inú ìwé tán ná, kí ẹ tó kan ohun tí bàbá fọwọ́ kọ. Lábẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wá to àwọn àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ti etí òsì kí ti ọ̀tún tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá kà á lọ gbọọrọ láti òsì dé ọ̀tún, ọ̀rọ̀ bàbá á já lu ti ìwé láàárín, a ò sì ní mọ ẹni tó sọ èwo.

Ibi tó le jù ni mímọ ìpínrọ̀ tí àkọsílẹ̀ kan jẹ́ tirẹ̀. Àmì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ìlà tí wọ́n fà, àgbélébùú kékeré, ìràwọ̀. Bí kò bá sí àmì, ẹ wo ìlà tí àkọsílẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má wo ibi tó parí sí, torí etí ìwé tóóró, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló máa ń ṣàn lọ sísàlẹ̀.

Ẹ wo fọ́tò yín. Àkọsílẹ̀ oníbírò dúdú tó wà lósì bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ kejì, ó sì ṣàn wọ ẹ̀gbẹ́ ìkẹta. Ti ìkejì ni. Èyí tí wọ́n fi bírò búlúù kọ sábẹ́ rẹ̀ ló lè tanni jẹ: ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kẹta ló wà látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àgbélébùú níwájú, àgbélébùú kan náà sì wà lórí ọ̀rọ̀ kan nínú ìpínrọ̀ kejì. Àkọsílẹ̀ dúdú ti gba àyè, ni bàbá ṣe sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ìkejì ló ni àwọn méjèèjì:

```
[ìpínrọ̀ 2]
[òsì, dúdú]
[òsì, búlúù, †]
[ìpínrọ̀ 3]
```

Mo fẹ́ràn kí a máa kọ àwọ̀ bírò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni bàbá kọ wọ́n.

Ẹ tún na fọ́tò náà tọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ojú ìwé tó fẹ̀ tó píksẹ́ẹ̀lì 2,500 bá dagun ní dìgírì 3 péré, ìlà kan náà á fi nǹkan bíi píksẹ́ẹ̀lì 130 ga tàbí rẹlẹ̀ ní etí kan ju èkejì lọ. Ìyẹn lè tó ìlà méjì, ó sì tó láti gbé àkọsílẹ̀ etí ọ̀tún fún ìpínrọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ gbé rúlà sí ìdí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kan nínú ìwé, kí rúlà náà bá etí ìsàlẹ̀ fọ́tò dọ́gba. Bí rúlà bá ya ìlà náà sílẹ̀ kó tó dé òpin, fọ́tò ṣì wọ́.

Èyí tí kò ní àmì, tó sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ìpínrọ̀ méjì, ẹ fi sábẹ́ ti òkè, kí ẹ sì kọ «kò dájú» tì í.