RSI abẹ́ 30 kò sọ pé owó ìpín máa padà sókè

Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àtẹ ọjà ìpín tí wọn kò tíì sọ òfin yìí fún: bí RSI, ìyẹn nọ́ńbà láti 0 dé 100 tó ń wọn bí owó ìpín ṣe ń gòkè sí bó ṣe ń wálẹ̀, bá ti bọ́ sábẹ́ 30, wọ́n ti tà á kọjá ààlà, nítorí náà ẹ rà á, bó bá ti yọ lórí 30 padà, ẹ kó èrè yín. Òfin náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Nígbà tí owó ìpín bá ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan náà, ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìgbà tí ọjà bá ń já wálẹ̀ tagbáratagbára ló máa ń jẹ owó èèyàn, ìgbà yẹn gan-an sì ni àmì “rà á” máa ń pọ̀ jù.

J. Welles Wilder ló gbé RSI jáde ní 1978, ohun tó sì ń wọ̀n kò le rárá:

```
RSI = 100 × G / (G + L)
```

G ni àròpín iye tí owó ń fi gòkè lójúmọ́, L ni àròpín iye tó ń fi wálẹ̀. Ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà máa ń lò. Bí RSI bá jẹ́ 25, ohun tó ń sọ ni pé nínú ìṣísẹ̀ mẹ́rin tí owó náà gbé, mẹ́ta wálẹ̀, ọ̀kan gòkè. Ó parí síbẹ̀. Kò sọ iye tí iléeṣẹ́ náà tó, kò sì mọ̀ bóyá olùrà kankan wà níta. Bí ọjà bá ń fi mẹ́ta wálẹ̀ tó ń fi ọ̀kan gòkè fún oṣù mẹ́ta gbáko, RSI lè dúró sí tòsí 25 ní gbogbo àkókò náà, kí owó yín sì máa yọ́ lọ.

Ibi tó burú jù kọ́ nìyẹn o. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Owó ìpín kan wà ní 100, G jẹ́ 0.5, L jẹ́ 1.5, RSI sì jẹ́ 25. Ẹnì kan tẹ̀ lé òfin, ó rà á. Fún ọjọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, owó náà ń fi 2 wálẹ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi dé 80. Bí Wilder ṣe ń ṣírò àròpín ọlọ́jọ́ 14 rẹ̀, lójoojúmọ́, ìdá 13 nínú 14 lára G àtijọ́ ló ń ṣẹ́kù, ìdá kan nínú 14 lára ìgòkè ọjọ́ náà ló sì ń wọlé, kò sì sí ohun tó wọlé sí i, nítorí náà G ti rọ sí nǹkan bí 0.24. L ti gòkè sí nǹkan bí 1.76, RSI sì ti di 12. Lọ́jọ́ kọkànlá, owó náà ta 7 sókè lẹ́ẹ̀kan, ó di 87. Ẹ pín 7 sí 14, 0.5 ni, ohun tó wọlé yìí ju gbogbo G tó ṣẹ́kù lọ ní ìlọ́po méjì. RSI bá fò láti 12 kọjá 30.

Àmì ti yọ lórí 30, òfin ní kó tà. Lójú RSI, ohun gbogbo ti dára ju ọjọ́ tó rà á lọ. Lápò rẹ̀, 13 ti lọ nínú 100. RSI ti padà sókè, owó kò padà, nítorí pé ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn ni RSI ń fi ara wé, kò rántí iye tí ẹ rà á.

Ohun tó ń fa irú ìwálẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà kò ka RSI sí. Àwọn tó fi owó yíyá ra ìpín ń tà nítorí pé ẹni tó yá wọn lówó ń fipá gba owó rẹ̀. Bí owó bá tún wálẹ̀, ó kan àwọn míì. Àwọn tó ti há sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ń retí kó gòkè díẹ̀ kí wọ́n lè sá jáde, àwọn ló ń pa gbogbo ìgòkè kékeré. Ẹ wo epo rọ̀bì Brent: ó ju 110 dọ́là lọ ní oṣù kẹfà 2014, ó ti bọ́ sábẹ́ 50 ní oṣù kìíní 2015. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni RSI rẹ̀ ojoojúmọ́ wọ abẹ́ 30 lójú ọ̀nà yẹn.

Kí ló wá dé tí ìgbàgbọ́ yìí kò kú? Ẹ̀yìn làwọn èèyàn ti ń wo àtẹ. Wọ́n á wo ibi tí ọjà ti yí padà, wọ́n á rí RSI lábẹ́ 30, wọ́n á ní ẹ ò rí i. Ìsàlẹ̀ ńlá sábà máa ń ní RSI kékeré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kì í dúró lórí àwọn RSI kékeré tí kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Kí ẹ tó gba àmì náà gbọ́, ẹ wo òkè RSI dípò ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú ìwálẹ̀ tó le, nígbà tí owó bá gòkè díẹ̀, RSI máa ń kú sí àárín 50 sí 60, kì í dé 70. Bí àròpín owó ọjọ́ 200 bá tún ń wálẹ̀, tí owó sì wà lábẹ́ rẹ̀, èmi kì í ka 30 sí àmì ìrà rárá. Èyí náà ní iye tó ń náni: ẹni tó bá ń dúró báyìí kò ní rà á ní ìsàlẹ̀ gan-an láé, nítorí pé àròpín ọjọ́ 200 máa ń pẹ́ kó tó yí. Èmi gbà láti san ìyẹn.