Aago 7 fún àwọn kan, aago 8:40 fún àwọn yòókù: kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ohun mímu yẹn?

Wọ́n ní kí ọmọ mi máa wọṣẹ́ ní aago 8:40, aago 7 ni ó ń wọṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣé wọ́n fẹ́ lé e ni?

Okun o, ìyá wa. Rárá, kì í ṣe lílé. Láti ìgbà tí ìròyìn yìí ti gba Kábà àti Ìyàrà kan ni oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ti ń jáde, àwọn kan tiẹ̀ ti ń kí àwọn òṣìṣẹ́ náà kú ìfaradà. Àsìkò tí ẹ̀rọ fi ń ti orí ohun mímu kan bọ́ sí òmíràn ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìpààrọ̀.

Ìgbà wo ni ìpààrọ̀ bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló parí?

Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìgò tó dára kẹ́yìn ti ohun mímu àná jáde. Ó parí nígbà tí ìgò tó dára àkọ́kọ́ ti tòní jáde, tí wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ̀rọ máa dún kò tíì tó.

Ta ló wá ń jókòó lásán níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní èèyàn 8 ló wà lórí láìnì kan, ìyẹn ọ̀wọ́ ẹ̀rọ tí ìgò ń gbà kọjá títí tó fi wọ páálí. Ohun mímu dúdú ni wọ́n fi parí lánàá, funfun ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Wọ́n á fi omi lásán ṣan ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò, wọ́n á fi omi gbígbóná tí wọ́n po kọ́sítíìkì sí (àwọn tó ń se ọṣẹ mọ̀ ọ́n) fọ inú rẹ̀, wọ́n á tún ṣan án, wọ́n á sì dán omi tó jáde kẹ́yìn wò bóyá kọ́sítíìkì kankan kù. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú 100.

Èèyàn 3 péré ni iṣẹ́ yẹn nílò: mẹkáníìkì, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà, àti ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ohun mímu. Àwọn 5 yòókù, ìyẹn ẹni tó ń darí ẹ̀rọ lébẹ́ẹ̀lì, àwọn 2 tó ń di páálí àti àwọn 2 tó ń tò ó, kò sí ìgò tó máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìṣẹ́jú 100 lọ́nà 5 jẹ́ 500, ìyẹn wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 20. Bí ẹni pé wọ́n gba èèyàn kan síṣẹ́ kó máa wo fóònù láti àárọ̀ di alẹ́.

Tí wọ́n bá wá dé ní 8:40, ṣé wọ́n á tètè lọ ni? Owó wọn ńkọ́?

Ibí yìí ló rú àwọn èèyàn lójú jù. Tẹ́lẹ̀, aago 7 sí aago 3 ni gbogbo wọn ń ṣe. Níwọ̀n bí ìpààrọ̀ ti jẹ ìṣẹ́jú 100, aago 8:40 sí aago 3 nìkan ni láìnì fi ń ṣiṣẹ́, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 20. Ní báyìí, àwọn 3 ń ṣe 7 sí 3, àwọn 5 ń ṣe 8:40 sí 4:40. Wákàtí 8 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, owó kò yí padà. Àmọ́ láìnì ń rìn láti 8:40 títí di 4:40. Jíjókòó òwúrọ̀ ló di iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrù rẹ̀. Láti aago 3 lọ, àwọn 3 yẹn ti lọ sílé. Ta ló máa darí ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu? Ọ̀kan nínú àwọn tó ń to páálí ni. Èèyàn 5 á wá máa ṣe iṣẹ́ tí èèyàn 8 ń ṣe, nítorí náà wọ́n á dẹwọ́ eré láìnì, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà á sì máa mú ìgò yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Èèyàn 2 ló gbọ́dọ̀ ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí ibà bá mú un, láìnì kú ní aago 3 nìyẹn, ètò tuntun sì ti sọ ara rẹ̀ di ti àtijọ́.

Ṣé wọn ò kúkú lè dín ìpààrọ̀ fúnra rẹ̀ kù?

Wọ́n lè dín in kù, ó sì yẹ kí wọ́n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó ń lọ ata ní ọjà Kábà. Tí ògì bá wà níwájú rẹ̀, tí ẹ̀wà wà, tí ata náà wà, ògì ló máa kọ́kọ́ lọ, ẹ̀wà á tẹ̀ lé e, ata á kẹ́yìn. Láti ògì bọ́ sí ata, omi díẹ̀ ti tó. Láti ata padà sí ògì, ẹ fọ̀ ọ́ títí, ẹni tó bá mu ẹ̀kọ náà ṣì máa sọ fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohun mímu: funfun, aláwọ̀ ọsàn, dúdú. Fífọ̀ ńlá á wá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ní òwúrọ̀, níbi tó ti rọrùn láti yí aago àwọn èèyàn ká.

Ọ̀nà kejì ni ti Shigeo Shingo, ọmọ Japan. Ní ọdún 1969, ní ilé iṣẹ́ Tóyótà, ó dín ìpààrọ̀ ẹ̀rọ ńlá kan tó ń tẹ irin kù láti wákàtí 4 sí ìṣẹ́jú 90, kó tó wá di ìṣẹ́jú 3. Àṣírí rẹ̀ ni pé kí ẹ ya ohun tí a lè ṣe kí àsìkò ìpààrọ̀ tó dé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a kò lè ṣe àfi nínú rẹ̀. Omi gbígbóná wa yìí ńkọ́? Tí aago 7 bá lù kí wọ́n tó tan iná sídìí omi, ọ̀ràn yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rọ mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé 8:40 ló yẹ?

Ó yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní ọjọ́ 10 fún wa ní ìṣẹ́jú 80, 85, 85, 90, 90, 95, 95, 100, 130 àti 150. Ọjọ́ 2 tó gùn yẹn, iná lọ nígbà tí omi ń gbóná, omi tutù, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá pe àwọn 5 ní ìṣẹ́jú 100, ọjọ́ 8 nínú 10 ni wọn ò ní dúró rárá. Ní ọjọ́ oní-130, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú 30. Ọ̀gá tó bá ń bẹ̀rù ọjọ́ méjì wọ̀nyẹn lè ní kí wọ́n wá ní 9:30. Nígbà náà, lọ́pọ̀ ọjọ́, ẹ̀rọ á ti ṣe tán, kò ní sí ẹni tó máa fi ṣiṣẹ́. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Tí ọmọ mi bá dé ní 8:40 tí ẹ̀rọ ò tíì ṣe tán, ṣé wọ́n lè ní kó padà sílé láìsanwó?

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 17, kò fọwọ́ sí i. Bí òṣìṣẹ́ bá yọjú, tí ara rẹ̀ sì le, kí ọ̀gá fún un níṣẹ́ tàbí kó san owó ọjọ́ náà, àfi tí àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá ṣe bá sọ ohun mìíràn. Abala 13 ní tirẹ̀ sọ pé ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Ẹ kíyè sí èyí. Àwọn súpáfáísọ̀ kan máa ń pe ìdúró ìpààrọ̀ ní ìsinmi, kí wọ́n sì tún ní kí ẹ wá gbé páálí níbẹ̀. Páálí kì í ṣe ìsinmi.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?

Ọwọ́ mẹkáníìkì. Tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn jọ dé ni, gbogbo wọn ló rí i pé ó wà nínú ẹ̀rọ. Ní báyìí, èèyàn 5 ń wọlé ní 8:40, inú wọn dùn, iṣẹ́ ti ń pè wọ́n, ẹnì kan sì lè tẹ bọ́tìnnì. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti pa iná rẹ̀ níbi ìpaná, kó fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ súpáfáísọ̀. Ẹ bi ọmọ yín lálẹ́ òní bóyá àgádágodo wà níbẹ̀. Tó bá ní kò sí, kó má ṣe tẹ bọ́tìnnì kankan títí mẹkáníìkì á fi jáde síta, tí wọ́n á jọ fojú rí ara wọn.

Ọkọ̀ ńkọ́ ní 4:40?

Ti ìrìnnà yẹn, kí ẹ̀yin àti ọ̀gá sọ ọ́. Ẹni tó ń ti Ìyàrà wá mọ bí ọkọ̀ ṣe ń ṣọ̀wọ́n tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú. Tí àwọn 5 bá ń sá lọ ní aago 4 nítorí ọkọ̀, ìṣẹ́jú 40 lọ́nà 5 ti tún ṣòfò, ìṣẹ́jú 200 gbáko, ó sì ṣeé ṣe kí owó ọkọ̀ kan tí yóò máa gbé wọn lọ kéré sí i.