Bí àpótí ọ̀rọ̀ àìfẹ́ ṣe dọ́wọ́ àwa ayàwòrán ilé

Ní Kàbà níbí, ẹni tó fẹ́ kọ́lé máa ń fẹ́ rí ojú ilé náà kó tó san owó búlọ́ọ̀kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan lára wa fi ń lo Stable Diffusion, ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ di àwòrán, tó jáde fún aráyé ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Inú àpótí `Negative prompt`, níbi tí a ti ń kọ ohun tí a kò fẹ́ rí nínú àwòrán, ni iṣẹ́ wa pọ̀ sí jù.

Kì í ṣe nítorí ilé ni àpótí yìí ṣe wáyé. Ní 2021, àwọn olùwádìí méjì, Jonathan Ho àti Tim Salimans, gbé ọgbọ́n kan jáde: ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ ṣírò àwòrán lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láìsí ọ̀rọ̀ kankan, kó wá fi kún ìyàtọ̀ àárín wọn. Nígbà tó yá, àwọn tó ń lo Stable Diffusion rí i pé àyè òfìfo yẹn gba ọ̀rọ̀. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀, àwòrán á máa sá fún un. Kí 2022 tó parí, àpótí rẹ̀ ti wà nínú AUTOMATIC1111, ojú ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo Stable Diffusion.

A kò lè kàn kọ `no upstairs` sínú `Prompt`, àpótí ohun tí a fẹ́. Ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ "kò sí". `upstairs` ló máa rí, á sì gbé e wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ilẹ̀ kan ní Ìsánlú, páànù lórí, fèrèsé mẹ́rin níwájú. Àwòrán jáde, fèrèsé wọ́, àjà kejì sì wà lórí. Ìyá tó ni ilé wò ó: "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò ní kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì o." A wá tẹ èyí:

```
Prompt: bungalow, zinc roof, four front windows
Negative prompt: warped windows, crooked frames, second floor, balcony
```

Fèrèsé á tọ́ díẹ̀, kò ní tọ́ tán. Ẹ̀rọ máa ń fún àwòrán 512×512 pọ̀ sí 64×64 kó tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, nítorí náà fèrèsé kékeré kì í ní ju ojú mélòó kan lọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìfẹ́ kò lè dá ìlà tí kò ráyè wọlé padà. Ibi fèrèsé nìkan la máa ń sàmì sí, tí a ó mú un tóbi, tí a ó sì tún un yà.

Ti àjà yẹn, orísun méjì ló ní. Tó bá jẹ́ pé ilé olókè ti mọ́ ẹ̀rọ lára ni, `second floor` á mú un kúrò. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá jẹ́ 512×1024, gíga rẹ̀ ló fà á: àwòrán 512×512 ni wọ́n fi kọ́ Stable Diffusion 1.5, ó sì máa ń fi ilé mìíràn kún òkè tó ṣófo. Ẹ tẹ nọ́ńbà `Seed` ti àwòrán yẹn gan-an, èyí tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì dín gíga kù sí 512. Bí àjà bá pòórá, gíga ló jẹ̀bi. Ẹ yà á ní kékeré bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ mú un tóbi.