Bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí kọ́sítọ́mà rẹpẹtẹ wà lórí máàpù lẹ́ẹ̀kan, àti ohun tí wọ́n ń ṣe sáwọn tí máàpù ò rí dáadáa

Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan wà l'Àjàṣẹ́ tó ń ta sólà àti bátìrì, kọ́sítọ́mà 1,200 ló wà nínú fáìlì ẹ̀, àwọn kan níbí l'Àjàṣẹ́, àwọn kan ní Kétu, àwọn tó kù lókè lọ́hùn-ún ní Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n wá fẹ́ kí oníkálukú ní póìntì tiẹ̀ lórí máàpù kí ẹni tó ń gbé ọjà lọ lè mọ ibi tó máa kọ́kọ́ yà. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní jíókóòdù. Wọ́n á kó àdírẹ́sì fún sáfà kan, sáfà yẹn á dá látítíúdù àti lọ́ńgítíúdù padà. Fífi ránṣẹ́ ò le rárá, àti mọ èyí téèyàn lè gbà gbọ́ nínú ohun tó dá padà niṣẹ́ wà.

Sáfà táwọn tí ò fẹ́ sanwó sábà máa ń lò ni Nominatim, tó ń wá nǹkan nínú máàpù OpenStreetMap. Ọ̀fẹ́ ni ṣùgbọ́n ó lófin: ìbéèrè kan ṣoṣo ní sẹ́kọ́ńdì kan, kí prógíráàmù tó ń béèrè dárúkọ ara ẹ̀ nínú `User-Agent`, kí wọ́n sì tọ́jú èsì sọ́dọ̀ kí wọ́n má bàa tún béèrè ohun kan náà lọ́la. 1,200 ìlà á gbà tó ogún ìṣẹ́jú, kò tó nǹkan téèyàn ń kánjú lé. Tó bá ti di ẹgbẹẹgbàárùn-ún ìlà, kí wọ́n yáa lọ fi Nominatim tiwọn sórí kọ̀ǹpútà ara wọn tàbí kí wọ́n sanwó níbòmíì. Àdírẹ́sì nìkan sì ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ o, orúkọ èèyàn àti nọ́ńbà fóònù ò bá ìyẹn lọ, nọ́ńbà ìlà tí wọ́n fún kọ́sítọ́mà kọ̀ọ̀kan ti tó láti fi so èsì padà mọ́ ọn.

Ìbéèrè kan máa ń rí báyìí:

```
https://nominatim.openstreetmap.org/search?q=Ouando,+Porto-Novo&countrycodes=bj&format=jsonv2
```

`countrycodes=bj` yẹn, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ o. Kétu wà l'Ékòó náà, Porto Novo wà ní Kepu Fádè, òmíràn tún wà ní Íńdíà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń kọ `Ketu` dípò `Kétou`, tí wọn ò bá wá sọ fún sáfà pé Bẹ̀nẹ̀ nìkan làwọn ń wá, ó lè gbé oníbàárà Kétu lọ sẹ́yìn Ọjọ́ta l'Ékòó, ó sì máa dá a padà bí èsì tó dára, kò ní ṣe àmì kankan pé nǹkan ṣe.

Ó wá ku èsì. Tí sáfà ò bá rí nǹkan kan, `[]` lásán ló máa dá padà, èyí ò burú torí ó hàn sójú. Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni èyí tó rí nǹkan ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ilé. Ẹ wo ìlà kan bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ wa:

```
carré 412, maison en face de la mosquée, Tokpota, PN
```

Tí wọ́n bá fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà, `[]` ló máa bọ̀. `en face de la mosquée`, èèyàn ló yé, kò yé máàpù. Nọ́ńbà káré náà kì í sábà sí nínú OpenStreetMap. `PN` yẹn, ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló mọ̀ pé Àjàṣẹ́ ni. Nítorí náà wọ́n á ṣe kọ́lọ́ọ̀mù tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ (ti àtijọ́ ò gbọdọ̀ yí padà láéláé, torí mọ́ṣáláṣí yẹn gan-an lẹni tó ń gbé ọjà lọ máa béèrè tó bá débẹ̀), wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ `en face` kúrò, wọ́n á yọ káré, wọ́n á sọ `PN` di `Porto-Novo`, ó wá ku `Tokpota, Porto-Novo`. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí sáfà lè dáhùn. Àmọ́ àdúgbò ló rí, kò rí ilé. Póìntì àárín àdúgbò ló fún wọn, tí kọ́sítọ́mà 40 bá sì wà ní `Tokpota`, gbogbo ogójì ló máa dúró lórí póìntì kan ṣoṣo.

Ọ̀nà tó yá jù láti rí irú èyí nìyẹn, kí wọ́n ka iye ìgbà tí póìntì kan náà jáde. Nínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì ní Faransé, tí látítíúdù bá wà ní kọ́lọ́ọ̀mù F tí lọ́ńgítíúdù wà ní G:

```
=NB.SI.ENS(F:F;F2;G:G;G2)
```

Tó bá mú 1 wá, ó dáa. Ó lè mú 2 tàbí 3 wá fún ẹbí tó wà nínú ilé kan. Tó bá mú 40 wá, àárín àdúgbò tàbí àárín ìlú ni. Nominatim fúnra ẹ̀ náà ń sọ ọ́ nínú `place_rank`: 30 jẹ́ ilé tàbí ibi kan pàtó, 26 àti 27 jẹ́ títì, láti 17 dé 24 jẹ́ àdúgbò, abúlé tàbí ìlú kékeré, 16 wá sísàlẹ̀ jẹ́ ìlú ńlá tàbí ohun tó tóbi jù ú lọ. Lọ́dọ̀ Gúgù, `location_type` ni wọ́n máa wò, tó bá kọ `APPROXIMATE`, tàbí tí `partial_match` bá wà níbẹ̀, kí wọ́n fura. Nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ wọ kọ́lọ́ọ̀mù tiẹ̀ nínú fáìlì, kó máa bá póìntì rìn níbikíbi tó bá lọ. Èmi ò rí ohun tó burú tó kí wọ́n kó póìntì àdúgbò pọ̀ mọ́ póìntì ilé láìsí àmì, torí lóṣù mẹ́ta sí i kò sẹ́ni tó máa lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Póìntì àdúgbò wúlò, ó tó láti mọ̀ pé ọjọ́ Tuesday ni mọ́tò máa gba `Tokpota` kọjá, kò kàn tó láti rán ọlọ́kadà lọ sílé ẹnì kan ni.

Àwọn `[]` tó kù ńkọ́? Kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí fáìlì wò. Tí wọ́n bá rí `KÃ©tou` tàbí `SavÃ¨`, lẹ́tà ló bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí fáìlì tí wọ́n fi ìlànà lẹ́tà UTF-8 kọ bí ẹni pé ìlànà míì ni, kí wọ́n tún un ṣí bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ á kúrò lójú kan náà. `Ketou` tí ò lámì lórí ò léwu, Nominatim mọ̀ ọ́n. Tí àwọn póìntì bá sì bọ́ sínú òkun, látítíúdù àti lọ́ńgítíúdù ni wọ́n gbé pàṣípààrọ̀: Àjàṣẹ́ wà ní nǹkan bíi 6.5 àti 2.6, tí wọ́n bá yí i, omi ni.

Àwọn tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, fóònù ló kàn. Fáìlì tó ti pẹ́ ní nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́jọ, láti 30 oṣù kọkànlá 2024 sì ni Bẹ̀nẹ̀ ti sọ ọ́ di mẹ́wàá, kí wọ́n fi 01 síwájú kí wọ́n tó pè. Kí wọ́n ní kí oníbàárà fi ibi tó wà ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, kí wọ́n sì là á yé e dáadáa pé ìgbà tó bá wà nílé ni kó fi ránṣẹ́, kì í ṣe láti ọjà Wàńdó. Tí póìntì tó wọlé bá jìnnà sí àárín àdúgbò tó wà nínú àdírẹ́sì ẹ̀ ju kìlómítà méjì mẹ́ta lọ, kí wọ́n tún pè é kí wọ́n tó fi í sínú fáìlì.