Kọ́ìlì, oògùn fínfín, ìpara àbí nẹ́ẹ̀tì: èwo ló yẹ yàrá tí ọmọ ọwọ́ ń sùn?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́ mà, yàrá kan ṣoṣo ni èmi, bàbá àwọn ọmọ àti ọmọ wa méjì ń sùn n'Íbàdàn níbí. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni àbúrò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní ikọ́ fée. Alaalẹ́ la ń tan kọ́ìlì, a ó sì ti wíńdò kí ẹ̀fọn má baà wọlé. Ikọ́ ẹ̀gbọ́n ń le sí i. Ṣé ká bọ́ sórí oògùn tí wọ́n ń fín ni, àbí ká máa fi ìpara pa wọ́n lára?

Ìdáhùn: Ẹ pa kọ́ìlì yẹn tì láti alẹ́ òní, kí ẹ sì ta nẹ́ẹ̀tì olóògùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Òun nìkan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń dúró láàárín ọmọ àti ẹ̀fọn títí ilẹ̀ fi mọ́, láìsí èéfín kankan.

Oògùn tó wà lára kọ́ìlì kò tó nǹkan. Lẹ́búlẹ́bú igi àti àwọn nǹkan mìíràn tó ń mú un jó ló pọ̀ jù. Ní 2003, àwọn olùwádìí tó yẹ kọ́ìlì tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà àti Màléṣíà wò rí i pé eruku kíkúnná tó ń jáde lára kọ́ìlì kan ṣoṣo tó ti sìgá 75 sí 137. Eruku yìí kúnná débi pé imú kò lè sẹ́ ẹ, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ tún wá ti wíńdò mọ́ ọn. Ọmọ tó ní ikọ́ fée ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Bí ẹ bá sì tan kọ́ìlì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ṣeé ṣe kó ti jó tán ní aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ṣì ń jẹ èèyàn.

Oògùn fínfín ń pa ẹ̀fọn tó bá wà nínú yàrá lákòókò tí ẹ fín in. Èyí tó bá wọlé lẹ́yìn tí ẹ ṣílẹ̀kùn kò bá a pàdé. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fín in nírọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí gbogbo yín jáde, kí ẹ bo oúnjẹ àti omi, kí iná má sì sí nítòsí, torí afẹ́fẹ́ inú agolo náà ń gbaná. Ẹ tilẹ̀kùn fún àkókò tí wọ́n kọ sára agolo, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí gbogbo ojú afẹ́fẹ́ títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ, kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ẹ má fín in lójú ẹ̀gbọ́n láé. Ọ̀tápiápiá ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó wọ yàrá yẹn rárá. Májèlé gidi ni, ó sì ń ba iṣan ara jẹ́. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké tí kò ju 100 mililita lọ.

Ìpara wúlò fún ìgbà tí ẹ bá jókòó síta nírọ̀lẹ́. Ibi tí ẹ bá pa á sí nìkan ló ń dáàbò bò. Èyí tó ní DEET kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì. Ti ọmọ yín, ẹ fi díẹ̀ pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fi kan ọwọ́ rẹ̀, torí yóò fi sẹ́nu. Ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò kí ó tó sùn.

Ìbéèrè: Wọ́n fún wa ní nẹ́ẹ̀tì ní ọsibítù, àmọ́ ó yún ọmọ lójú, ooru sì mú wa. Ẹ̀fọn ṣì tún jẹ wá.

Ìdáhùn: Ó jọ pé láti inú ọ̀rá lẹ ti ta á sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kọ́kọ́ sá nẹ́ẹ̀tì tuntun sí ibòòji fún wákàtí 24. Oògùn tó lé sójú rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, yíyún náà yóò sì dáwọ́ dúró.

Ti ooru, ẹ ṣí wíńdò. Nẹ́ẹ̀tì ti ń ṣọ́ yín báyìí, kò sídìí tí ẹ ó fi tì í mọ́. Bí ẹ bá lè kan nẹ́ẹ̀tì mìíràn mọ́ ojú wíńdò, ó tún dáa.

Ní ti ẹ̀fọn tó ń jẹ yín, ẹ wo inú nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀fọn tí ikùn rẹ̀ pọ́n fún ẹ̀jẹ̀, ó rí ihò gbà wọlé ni, tàbí kó jẹ́ pé ẹ kò ki etí nẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ fóòmù. Ẹ rán ihò náà. Bí kò bá sí ìkankan nínú, tí apá tàbí ẹsẹ̀ yín sì wú, ẹ fara ti nẹ́ẹ̀tì lójú oorun ni, ẹ̀fọn sì jẹ yín láti ìta.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ilẹ̀ wa ni oògùn àtijọ́ tó wà lára nẹ́ẹ̀tì kò ràn mọ́, oògùn ìdílé kan náà ló sì wà nínú kọ́ìlì àti agolo púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ PBO sára rẹ̀ fi sàn jù: PBO jẹ́ èròjà tí wọ́n fi kún oògùn nẹ́ẹ̀tì, ó ń gba agbára tí ẹ̀fọn fi ń pa oògùn náà run lára rẹ̀. Ẹ má fi bílíìṣì tàbí ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ìfọṣọ lásán àti omi tútù ni, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún, ibòòji ni kí ẹ sì ti sá a, torí oòrùn ń ba oògùn rẹ̀ jẹ́.