Ẹ Gbé Ọwọ́ Kúrò Lórí Àga

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ẹni mẹ́ta ló gbé ẹjọ́ kan náà wá bá mi: “Wọ́n ní kí n máa rìn. Mo rìn, ìrìn náà ló sì dá mi dùbúlẹ̀.” Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ìrìn báwo ni. Ó ní wákàtí kan gbáko, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ti fi ọdún méjì jókòó! Ó sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tíṣà kan fún yín.

Ẹni ọdún 66 ni ìyá náà. Ọdún 35 ló fi dúró níwájú pátákó, ó wá fẹ̀yìn tì, ó jókòó. Ọdún méjì kọjá lórí ìjókòó yìí, lòtútù àyà wá dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó máa dìde, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Aládùúgbò kan ní ayé ló so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òmíràn ta ìpara fún un, ó ní òróró oríkèé rẹ̀ ló gbẹ. Òróró wo? Ṣé ẹ́ńjìnnì ni orúnkún ni?

Kò sẹ́ni tó so ohunkóhun. Iṣan ńlá tó wà níwájú itan ló ti joro. Òun ló ń gbé wa dìde lórí ìjókòó, òun ló ń ká wa lọ́wọ́ kò tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì máa ń tètè rù bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ pẹ́.

Kí ìyá tó wá sọ́dọ̀ mi, òun náà ti rin wákàtí kan tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ méjèèjì lára irin. Ó rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Kò bà nǹkan kan jẹ́. Iṣan tí a kò lò tipẹ́, tí a wá lò lójijì, ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló máa ń dunni jù, lẹ́yìn náà yóò lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìrora ọ̀hún ló ń lé wọn padà sórí àga.

Mo gbé àga kan ti ògiri, mo ní, “Mà, ẹ ká ọwọ́ yín sí àyà, kí ẹ dìde dúró ṣánṣán, kí ẹ tún jókòó, títí n ó fi ní ó tó.” Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló ṣe. Obìnrin tó wà láàárín ọdún 65 sí 69 tí kò bá lè ṣe tó 11, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára tó, ìṣubú sì súnmọ́ ọn. Ọkùnrin ọjọ́ orí yẹn gbọ́dọ̀ ṣe tó 12. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ti apá àga, ẹ má kà á. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi ọwọ́ dìde láti ọdún yìí wá, ẹ ò sì mọ̀.

Ohun tí mo ń bá àwọn èèyàn jà lé lórí nìyí: ìrìn nìkan kì í tún iṣan itan ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìrìn ń ran ọkàn àti èémí lọ́wọ́, àga ló ń ran itan lọ́wọ́. Mo fún un ní méjèèjì. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, kó dìde kó jókòó ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Kó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kọjá orúnkún, kó tẹ̀ síwájú títí imú yóò fi wà lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó tó dìde. Bó bá ń jókòó, kó ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ìdí tó kan àga, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ẹni tó bá já lulẹ̀ bí àpò ti sọ ìdajì rẹ̀ nù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìrọ̀rí kan wà lórí àga láti gbé ìjókòó ga. Ọ̀sẹ̀ kẹta la yọ ọ́.

Ìrìn tirẹ̀ wá jẹ́ ìṣẹ́jú 8 lójoojúmọ́, ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, kó sì ti wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìṣẹ́jú 8 náà, àlọ àtàbọ̀ ni! Ẹni tó bá rin 8 lọ kó tó yí padà ti rin 16, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò. Ìṣẹ́jú 4, kó yí padà. Kó lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu ìrìn, ṣùgbọ́n kó má lè kọrin. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a fi ìṣẹ́jú 2 kún un. Ti bàtà, n kò ní sọ̀rọ̀: ẹni tó fi sálúbàtà jáde mọ ohun tó ń wá.

Ó ní ìwé tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Lọ́sẹ̀ kẹrin ó ní, “Ọmọ mi, mo ti ń ṣe 7, ṣùgbọ́n itan mi ò tóbi sí i o.” Mo ní kò gbọdọ̀ tíì tóbi. Oṣù àkọ́kọ́, ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa tún pe iṣan tó ti ń sùn. Ẹran ara ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ keje, ó jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí mẹ́sàn-án láìdìde rárá. Lọ́jọ́ kẹta, ẹran ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú, ó ń gbóná, ó ń dun ún. Ará ilé rò pé ìrìn ló fà á, wọ́n sì pe ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fi ìpara wọ́ ẹsẹ̀. Ìpara ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nígbà tí ìyá pè mí. Mo pariwo lórí fóònù pé kó má fọwọ́ kàn án! Ìrora tí ìrìn ń fà máa ń mú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, lẹ́yìn ìdùbúlẹ̀ tàbí ìjókòó gígùn, ẹ fura pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi téèpù wọn ẹran ẹsẹ̀ méjèèjì níbi kan náà nísàlẹ̀ orúnkún: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ni òsì fi ju ọ̀tún lọ. Ẹni tó bá wọ́ irú ẹsẹ̀ yẹn lè ṣí ẹ̀jẹ̀ dídì náà nípò, kó gbéra lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn kan náà ni ẹ gbọ́dọ̀ dé ọsibítù, kì í ṣe lọ́la. Bí èémí bá gé lójijì tàbí àyà ń gún aláìsàn, lójú ẹsẹ̀ ni.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn bínú pé mo ba ọjà òun jẹ́. Lọ́sibítù, ẹ̀rọ tó ń wo inú ara fi ẹ̀jẹ̀ dídì náà hàn gbangba, wọ́n sì fi ìyá sórí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí dókítà ní kó máa rìn padà, ìṣẹ́jú 10 la tún fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 20 tó ti wà. Ìyẹn dùn ún, ó sì gbọ́.

Lọ́sẹ̀ kejìlélógún, ó ń rin ìṣẹ́jú 30, ó sì dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, pẹ̀lú ọwọ́ kíká sí àyà. Ó mú bíírò pupa, ó kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀: “11. Ó dára díẹ̀.” Mo ní kó kọ “dára púpọ̀”. Ó wò mí lókè ìgò ojú rẹ̀, ó ní òun kò fún ọmọ kankan ní máàkì ọ̀fẹ́ rí.